Alùpùpù tí páàtì rẹ̀ ní ọ̀nà méjì: ohun tí iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní Kétu kọ́ mi

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, alùpùpù mi kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìlárá. Ìyá kan ló wà lẹ́yìn mi, àpò àgbàdo rẹ̀ sì wà níwájú mi lórí táńkì. Ikú náà kì í ṣe òjijì. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí èéfín aláwọ̀ aró ti ń tú jáde nídìí rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni mo sì ń bu ọ́ìlì kún un. Mo mọ̀ pé ríǹgì tó yí píísítìn ká, èyí tí a ń pè ní sẹ̀gímà níhìn-ín, ti jẹ tán. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé kí n kó owó jọ ná. Mo sọ ìyá náà kalẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo bá a dá ẹlòmíì dúró, mo sì ti alùpùpù mi padà sí Kétu, ìlú wa ní Bẹ̀nẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán.

Àtúnṣe tó yẹ kó gba ọjọ́ kan péré gba ọjọ́ 23. Kì í ṣe pé mẹkaníìkì mi kò mọṣẹ́. Píísítìn tó bá ẹ́ńjìnì náà mu ni kò sí ní gbogbo ìlú. Tí mo bá ti ra epo, tí mo ti jẹun, nǹkan bí 2,500 fáránkì ló máa ń kù sí mi lọ́wọ́ lójúmọ́ nígbà yẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní ọjọ́ 23: 57,500 fáránkì ló lọ kí n tó sanwó kankan fún mẹkaníìkì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 23 yẹn ló sọ mí di ẹni tí kì í ra alùpùpù mọ́ láì kọ́kọ́ rìn kiri ìsọ̀ àwọn tó ń ta páàtì.

Kí n sọ bí mo ṣe ra alùpùpù yẹn. Mo kó àjọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, mo sì fẹ́ kúrò lábẹ́ ẹni tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ẹni tí mo ń mú owó wá fún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn alùpùpù Íńdíà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gùn fi nǹkan bí 90,000 fáránkì wọ́n ju èyí tí mo rí lọ. Tèmi tuntun ni, ó tóbi, agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 150, ohùn rẹ̀ sì dùn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé orúkọ kọ́ ni ìṣòro náà. Ẹni tó tà á fún mi sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbà gbọ́ pátápátá: "Ẹ má bẹ̀rù páàtì. Ẹ́ńjìnì Họ́ńdà CG ni. Gbogbo ọjà ló kún fún un."

Apá kan ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́. Àárín ọdún 1970 sí 1980 ni Họ́ńdà gbé CG125 jáde fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà wọn kò dára tí àyẹ̀wò kò sì wọ́pọ̀. Nínú ẹ́ńjìnì yẹn, ìsàlẹ̀ ni irin tó ń ṣí fáàfù wà, ọ̀pá méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì ń gbé agbára rẹ̀ lọ sókè. Kò ní ṣéènì inú tó gùn dé orí sílíńdà, nítorí náà ó máa ń fara da ẹni tí kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò ju àwọn tó ní ṣéènì lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà ṣe àwòkọ rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, orúkọ tí wọ́n sì kọ sára táńkì pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè kà lọ.

Inú àwòkọ yẹn ni ìṣòro náà wà. Nígbà tí mẹkaníìkì mi tú orí ẹ́ńjìnì náà, ó mú píísítìn jáde, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi. Ilà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kan bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná họ ọ́. Eruku pupa Kétu ló wọlé láti ara àlẹ̀mọ́ fílítà tó ti ya. A ra píísítìn CG150 kan ní Pọ̀bẹ̀. Ó wọ sílíńdà dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá fẹ́ ti irin kékeré tó so píísítìn mọ́ apá rẹ̀ bọ ihò, irin náà ń yọ̀ káàkiri inú ihò. Ó fi ìwọ̀n onírin rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Irin tèmi jẹ́ mílímítà 14, ihò píísítìn tuntun jẹ́ mílímítà 15.

Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, mílímítà kan péré ni. Bí mo bá fi ọgbọ́n dì í, ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò fi fọ́ ẹ́ńjìnì yìí sí wẹ́wẹ́. Lọ wá tìrẹ gan-an."

Ibo ni n óò ti wá a? Nàìjíríà ni ẹni tó ń kó páàtì alùpùpù náà ti ń kó o wọlé. Nàìjíríà sì ti ti ẹnubodè láti oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Àwa ará Kétu tí Ìmẹ̀kọ jẹ́ ìlú ìbátan wa, tí a ti ń lọ tí a ń bọ̀ láti ìgbà àwọn baba wa, a mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Epo pàyó, èyí tí wọ́n ń kó láti Nàìjíríà wá tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n gógó. Páàtì tó ń gba ojú ọ̀nà wá nínú àpò kò wá mọ́. Ẹni tó ń gun alùpùpù tí páàtì rẹ̀ ń gba Kútọnu wọlé ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀, èmi sì jókòó sí iwájú ìsọ̀ mẹkaníìkì. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, ọmọ ìyá mi kan rí píísítìn náà fún mi ní ọjà Tọ́pá ní Kútọnu, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ní ẹyọ kan ṣoṣo tó ti di ògbólógbòó.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi nípa alùpùpù èyíkéyìí ni pé: ọ̀nà mélòó ni páàtì rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa? Ọ̀nà méjì pàtàkì ló wà. Ọ̀kan ni èbúté Kútọnu, níbi tí ẹrù láti Íńdíà àti Ṣáínà ti ń sọ̀. Èkejì ni Nàìjíríà, láti Èkó àti láti Nnewi níbi tí òwò páàtì alùpùpù ti gbòòrò gan-an. Alùpùpù tó ní ọ̀nà méjèèjì kì í bá ẹnubodè kú. Nígbà tí ọ̀nà kan bá dí, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni pé owó rẹ̀ yóò gbéra díẹ̀, ṣùgbọ́n wàá rí i rà.

Nígbà tí mo fẹ́ pààrọ̀ alùpùpù náà, mo kọ orúkọ páàtì mẹ́fà sínú ìwé: píísítìn pẹ̀lú ríǹgì rẹ̀, àwọn àwo inú ambíréyàjì, CDI tó ń darí iná búsí, ṣéènì pẹ̀lú pinyọ́n rẹ̀ méjèèjì, bàtà bíréèkì ẹ̀yìn, àti kébù ambíréyàjì. Mo fi oṣù kan wá a. Mo wọ ìsọ̀ mẹ́rin ní Kétu, méjì ní Pọ̀bẹ̀, àti mẹ́ta ní ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ nígbà tí mo gbé èrò lọ síbẹ̀. N kò bi wọ́n bóyá páàtì wà, torí pé gbogbo oníṣòwò ló máa ń sọ pé ó wà, tí yóò sì rán ọmọdé lọ wá a lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá kí n rí i." Tí ó bá gbé e wá, mo máa ń béèrè ibi tó ti wá àti iye tí ojúlówó àti àwòkọ rẹ̀ jẹ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé yẹn ló fi hàn mí pé bàtà bíréèkì àti kébù kò lè sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń yan alùpùpù. Ti gbogbo wọn ló wà níbi gbogbo. Píísítìn, àwo ambíréyàjì àti CDI ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti Bàjáàjì Bọ́ksà, wọ́n gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú mi ní gbogbo ìsọ̀ tí mo wọ̀, ojúlówó àti àwòkọ, àwọn kan láti Kútọnu, àwọn kan láti Nàìjíríà tó ti wà nílẹ̀ kí ẹnubodè tó tì. Èyí kò yà mí lẹ́nu, torí pé òun náà ni àwọn ọlọ́kadà Nàìjíríà ń gùn jù lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti TVS náà wà dáadáa, pàápàá ní Wàǹdó. Ti alùpùpù mi, ìsọ̀ kan péré nínú mẹ́sàn-án ló ní CDI rẹ̀, kò sì sí píísítìn rẹ̀ níbì kankan.

Ọ̀rọ̀ epo ló kù. Gbogbo ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ló máa ń sọ pé tòun kì í mu epo. Tí ẹ bá bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀, wọn á ní, "Mo ra ìgò kan láàárọ̀, ó gbé mi dé alẹ́." Ìgò pàyó kì í kún bákan náà lọ́dọ̀ gbogbo olùtà, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn kì í mọ iye tó kù nínú táńkì. Mo pinnu láti wọ̀n ọ́n fúnra mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bọ́ksà tí agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 100. A ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé Bọ́ksà náà lọ sí ilé epo, mo fi ẹsẹ̀ ìdúró àárín gbé e nàró kó má fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì ní kí wọ́n bu epo títí yóò fi kan etí ọrùn táńkì. Mo kọ nọ́ńbà tó wà lójú aago kìlómítà. Mo ti kọ́kọ́ yẹ aago náà wò lójú ọ̀nà Pọ̀bẹ̀: láti òkúta kìlómítà kan dé òmíràn, ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó ka mẹ́wàá gééré. Mo ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, láìtẹ epo pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ kí n lè rí ìdáhùn tó dùn. Ọjọ́ mẹ́ta pé, mo padà sí ilé epo kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ibi kan náà ni mo dúró sí, wọ́n sì bu epo dé etí ọrùn táńkì padà. Mo ti rin kìlómítà 360. Epo tó wọlé jẹ́ lítà 7.5. Ìyẹn jẹ́ kìlómítà 48 fún lítà kan.

Lẹ́yìn náà ni mo fi tèmi ṣe ohun kan náà, kìlómítà 360 ní ọjọ́ mẹ́ta. Epo tó wọlé jẹ́ lítà 10.5. Kìlómítà 34 àti díẹ̀ fún lítà kan.

Ìyàtọ̀ lítà mẹ́ta ní ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ lítà kan lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí a pe lítà kan ní 500 fáránkì kí ìṣirò lè rọrùn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, 13,000 fáránkì ló ń jóná lóṣooṣù. Tí ẹ bá wo 90,000 tí mo rò pé mo rí jẹ nígbà tí mo ra èyí tó pọ́ọ́kú, oṣù méje ni epo fi gbà á padà lọ́wọ́ mi, kí ẹ́ńjìnì tiẹ̀ tó bàjẹ́ rárá.

Ẹ má ṣe fi ìrìn kúkúrú wọ̀n epo o. Tí mo bá rin kìlómítà 36 péré, Bọ́ksà kò ní mu tó lítà kan. Tí ẹni tó ń bu epo bá wá fi ìdá mẹ́wàá lítà ṣì í bù, tó jẹ́ bí ife tíì kékeré kan, ìṣirò mi á ti yẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá lọ. Lórí lítà 7.5, àṣìṣe kan náà kò ju ẹyọ kan àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ẹnikẹ́ni má bàa sáré lọ ra ẹ́ńjìnì 100 nítorí mi. Ilẹ̀ Kétu tẹ́jú. Ẹni tó wà ní Sábẹ̀ láàárín àwọn òkè olókùúta, tàbí ẹni tó ń kó àpò iṣu méjì lẹ́ẹ̀kan náà lójú ọ̀nà oko, yóò máa lo jíà kìíní àti ìkejì ṣáá. Ẹ́ńjìnì kékeré tí wọ́n bá ń ni lára bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná, epo tó yẹ kó fi pamọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Fún irú iṣẹ́ yẹn, 125 ni èmi yóò wò. Bákan náà, Bọ́ksà ní ṣéènì nínú ẹ́ńjìnì tó ń gùn dé orí sílíńdà, kò sì dà bí oní-ọ̀pá CG. Ọ́ìlì tó dọ̀tí ló ń jẹ ṣéènì yẹn. Èmi máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní kìlómítà 1,500, èyí tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sí mi. Tí mo bá gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí wọ́n ń mi owó ẹyọ nínú agolo lápá òsì ẹ́ńjìnì nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀, mo mọ̀ pé ṣéènì náà ti ń dẹ̀, n kì í dúró di ọjọ́ kejì.

Mo ra Bọ́ksà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Ìgbà tí mo mọyì rẹ̀ jù ni oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni ààrẹ tuntun Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sì ni pàyó ti fò sókè lọ́dọ̀ wa. Owó tí èrò ń san kò yára gbéra bíi ti epo. Ẹni tó ń mu lítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lójúmọ́ àti ẹni tó ń mu méjì àti ààbọ̀ kì í tún ṣe ẹgbẹ́ ara wọn mọ́ ní oṣù yẹn. Mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì tí wọ́n dá alùpùpù ńlá padà fún ẹni tó ni ín.

Páàtì tó wà káàkiri náà ní ewu tirẹ̀: ohun tó wọ́pọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe àwòkọ rẹ̀ jù. Mẹkaníìkì mi kọ́ mi bí a ṣe ń dán ríǹgì wò kí a tó dè é mọ́ inú. Ó mú ríǹgì kan, ó tì í wọ inú sílíńdà lófo, ó sì fi orí píísítìn tì í wọlé díẹ̀ kó lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà ó gbé sílíńdà náà sókè sí oòrùn, ó ní kí n wo àlàfo tó wà láàárín ẹnu ríǹgì náà méjèèjì. Ó ki abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láti wọ̀n ọ́n. Tuntun tó dára máa ń wà láàárín mílímítà 0.2 sí 0.4. Èyí tí a rà ní àwòkọ lọ́jọ́ náà gba abẹ 0.7, tuntun tí kò tíì rìn kìlómítà kan! A tún gbé e sí oòrùn láti wo etí rẹ̀ yíká, ìmọ́lẹ̀ sì ń yọ láàárín ríǹgì àti ògiri sílíńdà níbi méjì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti lè gbà, ọ́ìlì á gbà á. Mo dá a padà fún màmá tó tà á, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata. Láti ìgbà náà, tí ó bá kan inú ẹ́ńjìnì, ojúlówó ni mo ń rà. Àwòkọ tó dára tó fún bàtà bíréèkì àti kébù.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi kan fẹ́ ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígbá ẹ̀yìn láti máa fi kó tòmátì àti àgbàdo láti oko wá sí ọjà Kétu. Ó ní kí n bá òun yan orúkọ. Mo ní kó gbé ìwé àti bírò. Àwọn páàtì tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ yàtọ̀ sí ti alùpùpù. Àpótí jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, èyí tó ń pín agbára fún wọn, ló ṣáájú, torí pé òun ni ẹrù wúwo ń fọ́, òun náà ló sì ṣòro jù láti rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pá táyà ẹ̀yìn àti bíárìn rẹ̀. Ó tún ní láti yàn láàárín ẹ́ńjìnì tí atẹ́gùn ń tù àti èyí tí omi ń tù. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó kún fún ẹrù kì í sáré, atẹ́gùn tó ń kan ẹ́ńjìnì rẹ̀ kéré, nítorí náà mo ní kó yan olómi, kó sì fi rédíétọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń yí omi kún àwọn ohun tí yóò béèrè.

Ó rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìsọ̀ méjì ló gbé àpótí jíà ẹ̀yìn jáde fún un lójú ara rẹ̀, ti orúkọ kan náà, ọ̀kan ní Pọ̀bẹ̀, ọ̀kan ní Wàǹdó. Orúkọ yẹn ló rà. Kì í ṣe èyí tó rẹwà jù nínú àwọn tó wò, ó sì ti ń kó tòmátì láti oṣù kẹta. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ kó ẹrù, ó pè mí láti ojú ọ̀nà, ó ní òun ti bu epo dé etí ọrùn táńkì, òun sì ti kọ nọ́ńbà aago náà sílẹ̀.